Èdè Báàskì: ibo gan-an ni àmì -k ti ń wọlé?

Àjàní_Èdè

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Iṣẹ́ àmúṣe kan wà níwájú mi lórí èdè Báàskì, èyí tí wọ́n ń sọ ní ẹsẹ̀ òkè Pírẹ́níìsì láàárín Sípéènì àti Faransé. Wọ́n ní èdè ẹ́gátíìfù ni. Òfin tí wọ́n fún wa kò gùn: ẹni tó ṣe nǹkan sí ẹlòmíràn á gba àmì -k, ẹni tí wọ́n ṣe é sí kò ní gba nǹkan kan. Ẹni tó kàn dé, tàbí tó kàn ṣubú, òun náà kò ní gba nǹkan kan. Ìyẹn ni pé olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe aláìgbàbọ̀ rí bákan náà pẹ̀lú àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀. Àmọ́ ẹ wo gbólóhùn mẹ́fà tí mo ní láti tú palẹ̀:

1. Gizona etorri da. — Ọkùnrin náà ti dé.
2. Gizonak etorri dira. — Àwọn ọkùnrin náà ti dé.
3. Gizonak mutila ikusi du. — Ọkùnrin náà ti rí ọmọkùnrin náà.
4. Gizonek mutila ikusi dute. — Àwọn ọkùnrin náà ti rí ọmọkùnrin náà.
5. Gizonak mutilak ikusi ditu. — Ọkùnrin náà ti rí àwọn ọmọkùnrin náà.
6. Urak irakin du. — Omi náà ti hó.

Nínú ìkejì, wọ́n kàn dé ni, síbẹ̀ -k wà lára wọn. Nínú ìkarùn-ún, àwọn tí wọ́n rí ní -k. Nínú ìkẹfà, omi hó, kò ṣe nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni, ó sì tún ní -k. Ibo ni òfin náà wá dúró sí?

Tèmítáyọ̀_77

Ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni -k yẹn. Gizona ni ọkùnrin kan ṣoṣo, gizonak ni àwọn ọkùnrin. Ẹni tó túmọ̀ ìkẹta fún yín ló ṣì í, "àwọn ọkùnrin náà ti rí ọmọkùnrin náà" ló yẹ kó jẹ́. Ẹ kàn fi "àwọn" sí gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí -k.

Ìyá_Gírámà

Tèmítáyọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ́, ìdajì yẹn ló sì yanjú gbólóhùn kejì. Ọ̀pọ̀ ni gizonak ibẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe àmì olùṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sí ìkẹta, yóò já.

Àfòmọ́ méjì ló wà tí ojú wọn jọra. Ọ̀kan jẹ́ -a tó ń ṣiṣẹ́ "náà", tí -k ti olùṣe wá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn: gizon, gizona, gizonak. Èkejì jẹ́ -ak tó ń ṣiṣẹ́ "àwọn … náà", tí kò ní àmì olùṣe kankan nínú. Bí àwọn tó pọ̀ bá wá di olùṣe, -ek ni wọ́n ń gbà nínú Báàskì àjùmọ̀lò, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìròyìn ń lò, tí Euskaltzaindia, àjọ tó ń bójú tó èdè Báàskì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò rẹ̀ ní 1968. Gizonek inú ìkẹrin nìyẹn.

Àjàní, kí ẹ tó tú gbólóhùn yín palẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo -k níbi tí "náà" kò ti bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ ènìyàn ló dára jù fún èyí, nítorí kì í gba -a:

Miren etorri da. — Miren ti dé.
Jonek Miren ikusi du. — Jon ti rí Miren.
Mirenek Jon ikusi du. — Miren ti rí Jon.

Miren tó dé àti Miren tí Jon rí, bákan náà ni wọ́n ṣe kọ wọ́n. Ìgbà tí Miren rí ẹlòmíràn nìkan ni ìrísí orúkọ rẹ̀ yí padà. Nítorí pé kọ́nsónáńtì ló parí Miren ni -e- ṣe wọ àárín. Bí fáwẹ̀lì bá ló parí orúkọ, bíi Ane, Anek ni yóò jẹ́ tààrà. Bákan náà ni "ọkùnrin kan": gizon bat bí ó bá dé, gizon batek bí ó bá rí ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Àjàní_Èdè

Ẹ ṣeun, mà. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ó ṣòro kí n rí orúkọ ènìyàn nígbà gbogbo. Bí mo bá pàdé gizonak nìkan, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìyá_Gírámà

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná. Ẹ lọ sí ìparí gbólóhùn, kí ẹ ka ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́. Òun ló ń ka iye ẹni tó wà níbẹ̀ àti ipò tí olúkúlùkù wà. Mẹ́fà péré tó fún iṣẹ́ yín:

da: ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, kò sí ẹnìkejì
dira: àwọn tó pọ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn
du: ẹyọ kan ṣe é sí ẹyọ kan
ditu: ẹyọ kan ṣe é sí ọ̀pọ̀
dute: ọ̀pọ̀ ṣe é sí ẹyọ kan
dituzte: ọ̀pọ̀ ṣe é sí ọ̀pọ̀

Ẹ wá padà sí iṣẹ́ yín. Ìkejì parí sí dira, ìyẹn ni pé apá kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì pọ̀. Kò sí ààyè fún olùṣe, nítorí náà -ak ti ọ̀pọ̀ ni gizonak. Ìkẹta parí sí du, ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Mutila kò ní àmì, òun ni wọ́n rí. Gizonak ló kù, ẹyọ ni, olùṣe sì ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni, bí Tèmítáyọ̀ ṣe sọ, dute ni a ó rí ní ìparí, gizonek ni a ó sì rí níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí méjì ló ta ko ìtumọ̀ yẹn.

Ìkarùn-ún ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. Ditu ní ẹyọ kan ló rí ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n gizonak lè jẹ́ ẹyọ tó jẹ́ olùṣe, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ tí wọ́n rí. Bákan náà ni mutilak. Nítorí náà ìtumọ̀ méjì ni gbólóhùn yìí ní: ọkùnrin náà ti rí àwọn ọmọkùnrin náà, tàbí ọmọkùnrin náà ló rí àwọn ọkùnrin náà. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń wá sọ́kàn, nítorí olùṣe ló sábà máa ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni èdè Báàskì ń gbé ẹni tí wọ́n fẹ́ tẹnu mọ́ sí, níbi tí àwa ti ń lo "ni", nítorí náà ìtumọ̀ kejì kì í ṣe àlá lásán. Ẹ kọ méjèèjì sínú iṣẹ́ yín. Olùkọ́ tó bá mọ èdè náà yóò mọ̀ pé ẹ rí i.

Tèmítáyọ̀_77

Mo gbà fún dute. Àmọ́ bí gbólóhùn karùn-ún bá ní ìtumọ̀ méjì, báwo ni àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ṣe ń gbọ́ ara wọn yé?

Olùkọ́_Àṣálẹ́

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ló máa ń yanjú rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi olùṣe tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ sílẹ̀ láì dárúkọ, nítorí aṣèrànwọ́ ti kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú àwọn ẹ̀ka-èdè kan, ohùn máa ń ya ẹyọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀: gizonak méjèèjì kì í dún bákan náà lẹ́nu wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí àìkọ àmì ohùn ń fojú àwọn òǹkàwé rí, ẹ ó mọ̀ pé ìwé ló ṣòro ju ẹnu lọ níhìn-ín.

Fẹ́mi_Atúmọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mi ò rí ìdí tí a fi ń pe èyí ní nǹkan àrà. Yorùbá náà ń ṣe é. "Ilẹ̀kùn ṣí." "Adé ṣí ilẹ̀kùn." Olùwà inú ti àkọ́kọ́ ló di àbọ̀ inú ti èkejì, kò sì yí padà rárá. "Awo fọ́." "Adé fọ́ awo." Ẹ́gátíìfù ni àwa náà ń sọ.

Ìyá_Gírámà

Àwọn ìwé kan pàápàá ń pe irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ́gátíìfù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun tí ẹ sọ jẹ́ ìwà ọ̀rọ̀-ìṣe mélòó kan, "ṣí", "fọ́", "ya". Ohun tí Àjàní ń bi wá jẹ́ ìwà gbogbo gírámà. Báàskì ní ti yín yẹn náà: Atea ireki da, ilẹ̀kùn náà ti ṣí. Mirenek atea ireki du, Miren ti ṣí ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló sọ ọ́ di èdè ẹ́gátíìfù, nítorí etorri àti ikusi kò ní irú ìbátan yẹn, síbẹ̀ àmì ń bá wọn lọ.

Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dán Yorùbá wò. Orúkọ wa kì í gba àmì, nítorí náà kò lè sọ nǹkan kan fún wa. Ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí. Arọ́pò-orúkọ ló ń yí padà. "Mo ṣubú. Mo ti Adé. Adé tì mí." Ẹni tó ṣubú àti ẹni tó ti ẹlòmíràn, "mo" ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n tì dá wà, ó jẹ́ "mí". Ká ní Yorùbá jẹ́ ẹ́gátíìfù ni, ẹni tó ṣubú ni ì bá bá ẹni tí wọ́n tì jọra, "mí ṣubú" ni à bá sì máa sọ. Ilẹ̀kùn yín náà: "Ó ṣí", ṣùgbọ́n "Adé ṣí i". Wọ́n yàtọ̀.

Olùkọ́_Àṣálẹ́

Bí ẹ bá ṣe irú ìdánwò yẹn fún Báàskì, ẹ ó rí i kedere:

Ni etorri naiz. — Mo ti dé.
Jonek ni ikusi nau. — Jon ti rí mi.
Nik Jon ikusi dut. — Mo ti rí Jon.

Ni, ni, nik. Ẹ sì wo iwájú aṣèrànwọ́: n- ló bẹ̀rẹ̀ naiz, n- náà ló bẹ̀rẹ̀ nau. Ẹni tó dé àti ẹni tí wọ́n rí jókòó sí ibì kan náà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú dut, ìparí ni "èmi" wà, -t ni.

Ṣùgbọ́n kí Àjàní má fi èyí ṣe òfin fún àsìkò tó ti kọjá. Ikusi nuen, "mo rí i", n- ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ olùṣe ni "èmi" níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, tí ẹni tí wọ́n ṣe é sí bá sì jẹ́ "òun", olùṣe máa ń sún wá síwájú gba àyè tó ṣófo. "Ó rí mi" ni ikusi ninduen. Ẹni tó bá ń fi n- nìkan dá ẹni tí wọ́n rí mọ̀ yóò túmọ̀ nuen ní òdìkejì. Lára orúkọ àti arọ́pò-orúkọ, àmì kò yí: nik ikusi nuen, -k ṣì wà níbẹ̀.

Bísí_Híńdì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Híńdì lèmi ń kọ́, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Laṛkā kitāb paṛhtā hai, ọmọkùnrin náà máa ń ka ìwé. Kò sí àmì. Ṣùgbọ́n laṛke ne kitāb paṛhī, ọmọkùnrin náà ka ìwé, "ne" ti wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ti ń bá ìwé lọ dípò ọmọkùnrin. Kí ló ń lé "ne" lọ nínú ti àkọ́kọ́? Ṣé Báàskì náà máa ń ju -k nù bẹ́ẹ̀?

Ìyá_Gírámà

Nínú Híńdì, ibi tí iṣẹ́ bá ti parí nìkan ni ẹ́gátíìfù wà. Paṛhī ní kíkà náà ti parí, nítorí náà "ne" dé, ọ̀rọ̀-ìṣe sì gba ìrísí abo nítorí kitāb. Paṛhtā hai kò sọ pé ó parí, nítorí náà ó padà sí ọ̀nà tí àwa mọ̀. Kì í ṣe Híńdì nìkan, ọ̀pọ̀ èdè ló pín in síbẹ̀, tí àmì bá sì máa pín báyìí, apá ti iṣẹ́ tó ti parí ló máa ń bọ́ sí.

Báàskì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mirenek liburua irakurtzen du, Miren máa ń ka ìwé náà, iṣẹ́ kò parí, -k sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ibì kan wà tí ó dà bíi ti Híńdì, ó sì máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́:

Miren liburua irakurtzen ari da. — Miren ń ka ìwé náà lọ́wọ́.

Ìwé wà níbẹ̀, ẹni tó ń kà á wà níbẹ̀, síbẹ̀ -k kò sí, da ni aṣèrànwọ́. Kì í ṣe pé -k sá lọ. Ari gan-an ni ọ̀rọ̀-ìṣe gbólóhùn náà, ohun tó sì ń sọ ni pé ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ kan. Aláìgbàbọ̀ ni. Kíkà ìwé wà nínú iṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pọ̀ dán an wò: Miren liburuak irakurtzen ari da. Ìwé ti pọ̀, aṣèrànwọ́ kò kà wọ́n, da ló ṣì jẹ́. Ká ní wọ́n jẹ́ àbọ̀ gbólóhùn náà gan-an ni, yóò kà wọ́n, bí ditu ṣe ka mutilak nínú gbólóhùn karùn-ún.

Fẹ́mi_Atúmọ̀

Mo ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ìbéèrè mìíràn ló kù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n rí ni kò ní àmì, tó sì bá ẹni tó dé jọra, ṣé kì í ṣe òun gan-an ni olùwà? Bóyá ohun tí Mirenek Jon ikusi du ń sọ ni pé "Jon di rírí láti ọwọ́ Miren". -k yẹn kàn jẹ́ "láti ọwọ́".

Olùkọ́_Àṣálẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí sì ti bi ara wọn rí. Ohun méjì ló ta kò ó nínú Báàskì. Èkíní, aṣèrànwọ́ ń ka ẹni tó ní -k: du di dute nítorí pé àwọn tó rí i pọ̀. Gbólóhùn "láti ọwọ́" kì í ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe. Èkejì ni "ara rẹ̀". Mirenek bere burua ikusi du, Miren ti rí ara rẹ̀. Orí ni Báàskì ń lò níbi tí àwa ti ń lo ara. Ẹ wò ó, bere burua ni kò ní àmì, Miren ló ní -k. Ẹ ò lè yí i padà kí "ara rẹ̀" di olùṣe, kí Miren sì wà láìní àmì. Ẹni tó ní -k ló ń darí gbólóhùn náà, bí olùwà tiwa ṣe ń darí tiwa. Nítorí náà ìrísí ọ̀rọ̀ nìkan, lára orúkọ, arọ́pò-orúkọ àti aṣèrànwọ́, ni Báàskì fi jẹ́ ẹ́gátíìfù. Bí gbólóhùn ṣe ń so mọ́ra kò tẹ̀ lé e. Miren etorri da eta Jon ikusi du, Miren dé ó sì rí Jon. Miren kan náà ló ṣe méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní -k nínú àkọ́kọ́, tí ì bá sì ní i nínú èkejì bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí Fẹ́mi rò wà láyé. Ó wà nínú èdè Jíríbáàlì, ní àríwá ìlà-oòrùn Kuúńsìláàńdì ní Ọsirélíà. Bí ẹ bá ń wá a lórí ẹ̀rọ, Dyirbal ni kí ẹ tẹ̀. Ŋuma ni bàbá, yabu ni ìyá, -ŋgu ni àmì olùṣe.

ŋuma banaganyu — bàbá padà dé
ŋuma yabuŋgu buṛan — ìyá rí bàbá

Ẹ wá so wọ́n pọ̀: ŋuma yabuŋgu buṛan banaganyu. Ta ló padà dé? Àwa yóò sọ pé "ìyá rí bàbá ó sì padà dé", a ó sì máa rò pé ìyá ni. Ní Jíríbáàlì, bàbá ni, kò sí iyèméjì, nítorí ẹni tí kò ní àmì nínú apá àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní àmì nínú apá kejì. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ìyá ló padà dé, wọ́n ní láti kọ́kọ́ bọ́ -ŋgu kúrò lára ìyá. Wọ́n á fi -ŋa- sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n á sì fún bàbá ní -gu: yabu buṛalŋanyu ŋumagu banaganyu. Ìyá ló wà láìní àmì báyìí, òun ló sì padà dé.

Bísí_Híńdì

Èyí dùn mọ́ mi. Gbogbo gírámà wọn ló ń lọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà?

Olùkọ́_Àṣálẹ́

Rárá o. Àní nínú Jíríbáàlì, "àwa" àti "ẹ̀yin" ń rìn bíi ti Yorùbá: ŋana ni "àwa" bí a bá padà dé, ŋana náà ni bí a bá rí ẹlòmíràn, ŋanana ni bí wọ́n bá rí wa. Orúkọ ń lọ ní ọ̀nà kan, arọ́pò-orúkọ ń lọ ní ọ̀nà mìíràn, nínú gbólóhùn kan náà. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èdè kan jẹ́ ẹ́gátíìfù, ẹ bi í pé níbo: lára orúkọ ni, lára arọ́pò-orúkọ ni, nínú aṣèrànwọ́ ni, àbí nínú bí gbólóhùn ṣe ń so mọ́ra?

Àjàní_Èdè

Mo ti tún èkejì dé ìkarùn-ún kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi mi tutù o. Urak irakin du. Mo ka aṣèrànwọ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Du ni, ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Ẹyọ àkọ́kọ́ ni omi. Ta ni ẹyọ kejì?

Fẹ́mi_Atúmọ̀

Àbọ̀ tó fara pamọ́ wà níbẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀: nik lan egin dut, mo ti ṣiṣẹ́. Egin ni "ṣe", lan ni "iṣẹ́". Bí "ṣiṣẹ́" tiwa ṣe jẹ́ "ṣe" àti "iṣẹ́" náà nìyẹn. Barre egin, rẹ́rìn-ín. Negar egin, sunkún. Lo egin, sùn. Gbogbo wọn ló ń gba -k nítorí pé àbọ̀ wà nínú wọn.

Ìyá_Gírámà

Fẹ́mi, ẹ ti mú èyí gan-an bó ṣe yẹ. Haurrak lo egin du, ọmọ náà ti sùn, -k wà lára ọmọ nítorí "ṣe oorun" ni wọ́n ń sọ. Ẹ sì lè fa àbọ̀ náà jáde kí ẹ fi ẹ̀yán kún un: lan handia egin du, ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìdánwò tó dára nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí irakin. Kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀ tí ẹ lè fà jáde. Iraun náà rí bẹ́ẹ̀: Bilerak bi ordu iraun du, ìpàdé náà gba wákàtí méjì, -k wà lára ìpàdé. Àwọn kan sọ pé a jẹ́ pé -k kì í ṣe àmì ẹni tó ní àbọ̀, àmì ẹni tó ń fúnra rẹ̀ ṣe nǹkan ni. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Omi kò pinnu láti hó, ìpàdé kò pinnu láti gba wákàtí méjì, wọ́n sì ní -k. Ẹni tó dé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kò sì ní -k.

Olùkọ́_Àṣálẹ́

Èmi ò ní da èrò yẹn nù tán. Bí a bá kó gbogbo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àbọ̀ jọ, àwọn tó jẹ́ ìṣe ń tẹ̀ sí apá du, àwọn tó jẹ́ ìyípadà tàbí ìrìn láti ibì kan dé ibòmíràn ń tẹ̀ sí apá da. Irakin àti iraun ni kò bá a mu. Kí ni a fẹ́ fi méjì ba òfin jẹ́ fún?

Ìyá_Gírámà

Kì í ṣe méjì nìkan. Ẹ wo bazkaldu, jíjẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ní apá Sípéènì wọ́n ń sọ pé nik bazkaldu dut. Ní apá Faransé ẹ ó gbọ́ ni bazkaldu naiz. Oúnjẹ kan náà, ẹnu kan náà, ìṣe kan náà. Bí ìtumọ̀ bá ló ń pín -k, kí ló dé tí wọ́n pín in ní ọ̀nà méjì? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ wá, a sì ní láti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́_Àṣálẹ́

Pé ẹ̀ka-èdè méjì pín in ní ọ̀nà méjì kò sọ pé ìtumọ̀ kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé apá kan ka oúnjẹ ọ̀sán sí ìṣe, tí apá kejì kà á sí ipò tí èèyàn bọ́ sí. A ó jọ máa bá a lọ.

Àjàní_Èdè

Kí ni kí n wá kọ sábẹ́ urak ní tèmi?

Ìyá_Gírámà

Ẹ kọ olùṣe, ẹyọ, pẹ̀lú "náà" nínú. Ẹ̀rí yín ni du: ká ní ọ̀pọ̀ olùṣe ni, urek ni ì bá jẹ́, dute ni ì bá sì parí rẹ̀. Ká ní ọ̀pọ̀ tí kò ní àmì olùṣe ni, dira ni ẹ ó rí. Fún ẹyọ kejì, ẹ kọ pé aṣèrànwọ́ gba ìrísí ti alábọ̀ láìsí àbọ̀ kankan nínú gbólóhùn. Ẹ má dá àbọ̀ sílẹ̀ láti fi kún un. Fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ bá tún pàdé, ẹ wá a nínú ìwé atúmọ̀ Báàskì. Wọ́n máa ń kọ da tàbí du sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn á kọ nor tàbí nor-nork, ìyẹn "ta ni" láìní àmì àti "ta ni" pẹ̀lú -k. Ibi tí ẹ bá ti rí da àti du pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bíi ireki, ilẹ̀kùn Fẹ́mi ni ẹ pàdé yẹn: da nígbà tí ó ṣí, du nígbà tí ẹnì kan ṣí i.